Àádọ́ta Àpò Ìrẹsì: Ibi Tí Owó Ìyá Tíṣà Wọlẹ̀ Sí

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 ni Ìyá Tíṣà wá gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa nílùú Ìbàdàn. Mo ṣí ìwé níwájú rẹ̀, mo ka ìlà tí orúkọ rẹ̀ wà sí i létí, mo sì fi owó náà ránṣẹ́ sí báńkì rẹ̀ níṣojú rẹ̀: ₦2,247,200. Kọ́bọ̀ kan ò dín. Ó buwọ́ lùwé, ó dúpẹ́, ó wá fa àpòòwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

Bébà méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ti pọ́n, ojú ibi tí wọ́n ti ká a sì ti fẹ́ ya. Ẹsitimétì káfíńtà ni, ti oṣù Kejìlá ọdún 2022: pákó, ìṣó, páànù, owó iṣẹ́, gbogbo ohun tí yóò bo ilé tí ó ń kọ́ sí Ọ̀yọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kà ₦1,950,000. Bébà kejì ṣì funfun. Káfíńtà kan náà ló kọ ọ́, ilé kan náà, iye páànù kan náà, ó sì kà ₦4,300,000.

Ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Ó ní, "Akápò, ẹ ò jí owó mi, mo mọ̀. Báńkì ò jí i. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e fún yín, ilé kan ni. Nísinsìnyí ìlàjì ilé ló kù. Ta ló gbé ìyókù?"

Mi ò rí èsì kankan fún un lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé ọjà ló gbówó lórí, gbogbo wa la kúkú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò fi mí lọ́kàn sílẹ̀, nítorí kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ló bi mí, ẹni tó jẹ ẹ́ ló bi mí. Mo padà sínú àwọn ìwé wa, mo tọ ipasẹ̀ owó yẹn láti oṣù dé oṣù. Ohun tí mo rí nìyí.

Oṣù Kejìlá 2022 ni Ìyá Tíṣà mú mílíọ̀nù méjì wá fún wa, lára owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ì bá ti fi bo ilé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ wà láàárín òun àti aládùúgbò rẹ̀, àwọn àgbà sì ní kí ó má fọwọ́ kan ilé náà títí wọn yóò fi parí rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹjọ́ náà gbà fẹ́ẹ̀ pé ọdún méjì. Kí owó má baà máa jókòó lásán, ó kó o fún ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìfipamọ́ ọlọ́dún méjì. Èlé tí a ń san lórí irú owó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, a sì máa ń da èlé ọdún kìn-ín-ní pọ̀ mọ́ ojú owó kí ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀. Bí 2,000,000 ṣe di 2,120,000, tí ìyẹn sì di 2,247,200 nìyẹn. Lójú gbogbo wa, ó jèrè ₦247,200.

Owó náà kò sùn nínú ẹgbẹ́ rárá. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Bọ̀dá Oníìrẹsì, tó ń tajà ní Bódìjà, yá mílíọ̀nù méjì gẹ́lẹ́. Ó mú onídùúró méjì wá. Òfin wa nígbà náà ni pé ayáwó yóò san ìdá mẹ́wàá lọ́dún lórí ojú owó tó kọ́kọ́ gbà, fún ọdún méjì. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦400,000, gbogbo owó tó máa san sì jẹ́ ₦2,400,000: ₦100,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́rìnlélógún. Kò pẹ́ lọ́jọ́ kan rí. Ayáwó tó dára jù lọ tí a ní ni.

Bọ̀dá ní ìwé pélébé kan tó ń kọ iye tó ra àpò ìrẹsì kọ̀ọ̀kan sí. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo ń wá fún un, ó yọ ọ́ fún mi láìjanpata. Ní oṣù Kejìlá 2022 tó gba owó wa, ₦40,000 ló ra àpò oníkílò àádọ́ta. Àádọ́ta àpò gééré ni owó Ìyá Tíṣà rà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, mo fi náírà sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpò ṣírò, nítorí àpò ìrẹsì kì í kéré sí i bí ọdún ṣe ń yí.

Nígbà tí Bọ̀dá san ₦100,000 àkọ́kọ́, owó náà ń ra àpò méjì àti àbọ̀. Ní òpin ọdún 2023, àpò kan ti di ₦60,000. ₦100,000 kan náà kò ra méjì mọ́. Nínú oṣù Kẹta 2024 ó di ₦80,000. Nígbà tó máa san èyí tó kẹ́yìn ní oṣù Kejìlá 2024, àpò kan jẹ́ ₦105,000: gbogbo ohun tó kó wá lóṣù náà kò ra odidi àpò kan. Mo fi iye tó san lóṣù kọ̀ọ̀kan ra ìrẹsì lórí ìwé, ní iye tí wọ́n ń tà á lóṣù náà gan-an, mo sì ro wọ́n pọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bí àpò méjìdínlógójì.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin náà gba àádọ́ta àpò. Ó san gbogbo gbèsè rẹ̀ pẹ̀lú èlé, a sì pàtẹ́wọ́ fún un nípàdé. Síbẹ̀ méjìdínlógójì ló dá padà. Àpò méjìlá kù sí i lọ́wọ́, kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìyá Tíṣà ńkọ́? ₦2,247,200 ní àpò ₦105,000 jẹ́ àpò mọ́kànlélógún àti díẹ̀. Ó kó àádọ́ta wá, ó gbé mọ́kànlélógún lọ.

Èyí ló jẹ́ kí n rí i pé ìbéèrè rẹ̀ ní èsì. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni àpò tó sọnù. Méjìlá nínú wọn wà lọ́dọ̀ Bọ̀dá. Mẹ́tàdínlógún tó kù padà wá bá wa nínú ẹgbẹ́, a sì sọ wọ́n nù láàárín ìgbà tí Bọ̀dá ń san án àti ìgbà tí Ìyá Tíṣà wá gbà á. Kí n tó sọ ibi tí wọ́n gbà, ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọjà fi gun báyẹn.

Ìrẹsì ti ń gun tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2022, àjọ ìjọba tó ń ṣírò owó ọjà kéde pé ọ̀wọ́ngógó, ìyẹn bí iye ọjà ṣe gun láàárín ọdún kan, ti di 21.34%. Lẹ́yìn náà ni nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kárùn-ún 2023, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti parí. Lítà kan tó wà nísàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦600 kí oṣù Keje tó parí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye dọ́là. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 lójú ìjọba kọjá ₦900 nígbà tí ọdún ń parí, ó sì kọjá ₦1,500 ní òpin 2024. Ìrẹsì tó ń bọ̀ láti òkè òkun, ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń lò, epo ọkọ̀ tó ń kó àpò wá sí Bódìjà, gbogbo wọn gun lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù Kejìlá 2023, ọ̀wọ́ngógó di 28.92%. Oṣù Kejìlá 2024, ó di 34.80%.

Ìrẹsì sáré ju ìyókù ọjà lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àpò tí mo fi ṣírò ló sọ ọ́ di ńlá, mo tún un ṣe pẹ̀lú iye tí ìjọba kéde. Ìdá 28.92 ní ọdún kìn-ín-ní, ìdá 34.80 lórí rẹ̀ ní ọdún kejì. Ohun tí a ra ní ₦100 ní òpin 2022 yóò jẹ́ nǹkan bí ₦174 ní òpin 2024. Ìyẹn ni pé kí owó Ìyá Tíṣà tó lè dúró síbi tó wà, láìjèrè kọ́bọ̀, ó gbọ́dọ̀ di ₦3,475,000 ó lé díẹ̀. ₦2,247,200 la fún un. Bí a bá sọ ọ́ di owó ọdún 2022, ₦1,293,000 ló gbà. Ó gbé mílíọ̀nù méjì fún wa, a dá ohun tó tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún padà fún un, a sì pè é ní èrè.

Ìṣirò yìí kò le, ẹnikẹ́ni lè ṣe é fún ọdún kan lórí fóònù. Ẹ fi èlé kún ọgọ́rùn-ún, ẹ fi ọ̀wọ́ngógó kún ọgọ́rùn-ún, kí ẹ wá fi ti èkejì pín ti àkọ́kọ́. Fún ọdún 2023, 106 tí a fi 128.92 pín jẹ́ 0.82: ₦100 ti di ₦82. Fún 2024, 106 tí a fi 134.80 pín jẹ́ 0.79. Bí èsì bá ti wà nísàlẹ̀ oókan, owó ń jò, bó ti wù kí iye tó wà nínú ìwé pọ̀ tó. Ti Ìyá Tíṣà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú tèmi, nítorí arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì ò ra mọ́tò, kò san owó ilé-ẹ̀kọ́; oúnjẹ àti oògùn ni ìnáwó rẹ̀. Ọ̀wọ́ngógó ti oúnjẹ nìkan jẹ́ 39.84% ní oṣù Kejìlá 2024.

Ìṣirò yìí kan náà ló ṣàlàyé àpò méjìlá Bọ̀dá. Ìdá mẹ́wàá tí a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá lọ ní òtítọ́, torí ó ń san èlé orí odidi mílíọ̀nù méjì bó tilẹ̀ ti dá ìlàjì rẹ̀ padà. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí ohun tó kù sí i lọ́rùn lóṣù kọ̀ọ̀kan, ìdá kan àti àbọ̀ lóṣù ló ń san, nǹkan bí ìdá méjìdínlógún lọ́dún. Kì í ṣe owó kékeré. Ní ayé tí ọjà dúró jẹ́ẹ́, yóò kérora. Ṣùgbọ́n ọjà ń gun ju ìdá méjì lọ lóṣooṣù. Gbèsè rẹ̀ ń yọ́ kíákíá ju bí èlé ṣe ń gun orí rẹ̀ lọ.

Bọ̀dá fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà pé òun jèrè. Ó ní, "Akápò, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Mo ta àpò kan ní ₦65,000, inú mi dùn, kí n tó padà dé ọ̀dọ̀ alágbàtà ó ti di ₦70,000. Èrè wo ló wà níbẹ̀?" Òótọ́ ló sọ. Èrè orí àpò tó ń tà, ọjà fi ọwọ́ ọ̀tún fún un, ó fi ọwọ́ òsì gbà á padà. Àwọn oníṣòwò tó ná irú èrè bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé èrè gidi ni, ẹrù wọn lórí igbá ń kéré sí i lóṣooṣù, wọn ò sì mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ohun tí Bọ̀dá jèrè gan-an wà nínú gbèsè rẹ̀: ẹrù tó gbé wọlé ń gun pẹ̀lú ọjà, gbèsè tó fi rà á dúró lójú kan.

Kì í ṣe gbogbo ayáwó lọ́rọ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yáwó ní báńkì ní 2024, tí èlé rẹ̀ ń yí sókè bí Báńkì Àpapọ̀ ṣe ń gbé tirẹ̀ sókè, kò rí àpò méjìlá kankan. Ẹni tó yáwó lórí fóònù ní ìdá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, ìyà ló jẹ. Ẹni tó jẹ gbèsè dọ́là sì rí màbo: ilé-iṣẹ́ MTN ti Nàìjíríà, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, kéde àdánù ₦137 bílíọ̀nù fún ọdún 2023, torí pé ohun tó jẹ lọ́rùn lówó ilẹ̀ òkèèrè di òkè lójú náírà. Ayáwó tó jèrè ni ẹni tó jẹ náírà, tí èlé rẹ̀ kò lè yí padà, tí ìwọ̀n èlé náà sì kéré sí bí ọjà ṣe ń gun.

Ó wá ku àpò mẹ́tàdínlógún.

Díẹ̀ nínú wọn, àwọn ayáwó mìíràn ló gbé e. Bí Bọ̀dá ṣe ń san ₦100,000, a ń yá a fún ẹlòmíràn lóṣù tó tẹ̀ lé e: aránṣọ tó ra ẹ̀rọ, ìyá kan tó ra fíríìsà. Bọ̀dá kan náà ni wọ́n, ní kékeré. Díẹ̀ nínú wọn, àwa fúnra wa ni. Ẹgbẹ́ ń gba ìdá méjìdínlógún, ó ń san mẹ́fà fún ẹni tó fi owó pamọ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn la sì máa ń pín fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní oṣù Kejìlá ní ìbámu pẹ̀lú ìpín tí olúkúlùkù ní. Èmi náà gbà nínú rẹ̀. Màlúù tí a pín lọ́dún Kérésì 2023, páànù Ìyá Tíṣà wà nínú rẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti kọ gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn.

Èyí tó pọ̀ jù, owó tó jókòó sí báńkì ni. Lẹ́yìn tí dọ́là fò sókè, ẹ̀rù bà wá pé àwọn ayáwó kò ní lè san, a sì dín owó tí a ń yáni kù. Fún oṣù púpọ̀, ohun tí àwọn ènìyàn san padà wà nínú àkáǹtì ìfowópamọ́ ẹgbẹ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ láti oṣù Kẹjọ 2022 ni pé kí báńkì san ó kéré tán ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún iye èlé tí òun gbé kalẹ̀ fún orílẹ̀-èdè. Nígbà tí èlé Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ 18.75%, ẹni tó fi owó pamọ́ ń gba nǹkan bí 5.6%. Nígbà tó di 27.50% ní oṣù Kọkànlá 2024, ó di 8.25%. Ọjà ń gun ní 34.80%.

Kí ni báńkì ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe? Mo ti máa ń rò pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń yá àwọn ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti oṣù Kejì 2024, Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì ìṣòwò máa kó ₦45 nínú gbogbo ₦100 tí a bá fi pamọ́ wá sọ́dọ̀ òun, láìsan èlé kankan lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ó di ₦50. Apá kan nínú ìyókù, báńkì fi ra ìwé gbèsè ìjọba. Nínú oṣù Kẹta 2024, èlé lórí ìwé gbèsè ọlọ́dún kan ti kọjá 21%. Ẹni tó ní owó náà ń gba bíi méje, báńkì ń gba mọ́kànlélógún lórí ohun tó kù sí i lọ́wọ́. Báńkì tún ní èrè mìíràn tí kò ṣiṣẹ́ fún: dọ́là tí wọ́n ti ní lọ́wọ́ kí náírà tó wó. Èrè yẹn pọ̀ débi pé Báńkì Àpapọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2023 kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má pín in fún àwọn onípìn-ín, tí àwọn aṣòfin sì fọwọ́ sí i ní oṣù Keje 2024 pé kí ìjọba gba ìdá 70 nínú rẹ̀.

Ayáwó tó tóbi ju gbogbo wọn lọ ni ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ ni ìjọba ń gba owó lọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ láti fi dí àlàfo ìnáwó rẹ̀. Òfin ti sọ pé irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá márùn-ún nínú ohun tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n wọ́n kọjá rẹ̀ jìnnà. Ó di ₦22.7 tírílíọ̀nù. Ní oṣù Kárùn-ún 2023, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbà kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ogójì ọdún, ní èlé ìdá mẹ́sàn-án.

Ẹ wò ó dáadáa, nítorí òun náà ni ohun tí Bọ̀dá ṣe, àyàfi pé ti ìjọba tóbi. Kò sí ẹni tó kó owó yìí sínú àpò lọ fún ìjọba. Báńkì Àpapọ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé, owó tuntun bọ́ sígboro, iye ìrẹsì tó wà lọ́jà kò sì yí padà. Ẹni tó kọ́kọ́ ná owó tuntun náà rà á ní iye àtijọ́. Ìgbà tó bá fi máa dé ọwọ́ ẹni tó kẹ́yìn, ọjà ti gbọ́. Lẹ́yìn náà ni gbèsè ọ̀hún tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Láti oṣù Kárùn-ún 2023 sí oṣù Kárùn-ún 2024, ọjà gun ní 33.95%. ₦100 tí ìjọba jẹ di ₦109 pẹ̀lú èlé, ṣùgbọ́n ₦109 yẹn kò ra ju ohun tí ₦81 ń rà lọ́dún tó ṣáájú. Nínú gbogbo ₦100, ₦19 ti pòórá kúrò lọ́rùn ìjọba láàárín oṣù méjìlá, láìsan án. Ìjọba náà jẹ gbèsè dọ́là, ìyẹn sì wúwo sí i lọ́rùn rẹ̀. Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ èrè fún un. Ṣùgbọ́n lórí náírà tó jẹ, ohun tó yọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀ ti ibì kan wá, ó sì wá láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó ní náírà nílé.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo ké sí Ìyá Tíṣà. Mo kà á fún un bí mo ṣe kà á fún yín yìí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó yẹ kí ẹ kọ owó mi sílẹ̀ ní àpò nígbà náà. Àádọ́ta àpò ni kí ẹ kọ." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, mo sì gbé e lọ sí ìpàdé. Bọ̀dá ló kọ́kọ́ ta kò ó, ó sì ní ìdí. Ó ní ìrẹsì kì í gun títí ayé, kòkòrò sì ń jẹ ẹ́. Ọdún 2025 ló fi hàn pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀: àpò tó jẹ́ ₦105,000 ní Kérésì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, àwọn tó kó ìrẹsì pamọ́ ní oṣù Kejìlá 2024 kí owó wọn má baà jò tà á lófò. Ohun kan ṣoṣo kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi gbogbo owó sí, ìbáà jẹ́ ìrẹsì, ìbáà jẹ́ dọ́là.

Ní oṣù Kejì 2025, wọ́n tún kéde pé ọ̀wọ́ngógó ti já wálẹ̀ sí 24.48%. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rò pé ọjà ti wálẹ̀. Mo ní láti ṣàlàyé ohun méjì fún wọn. Àkọ́kọ́, àjọ náà yí ọdún tó fi ń ṣírò padà, láti 2009 sí 2024, ó sì tún agbọ̀n ọjà rẹ̀ tò. A kò lè gbé nọ́ńbà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Èkejì, bí ọ̀wọ́ngógó bá tilẹ̀ dínkù, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọjà ń gun díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò túmọ̀ sí pé páànù ti padà sí iye tó wà ní 2022. Ohun tó ti yọ́ nínú owó Ìyá Tíṣà kò ní padà wá.

Mo dábàá pé kí a gbé èlé ayáwó sókè, kí ti olùfipamọ́ lè gòkè pẹ̀lú. Wọn ò gbà. Ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wá. Mẹ́rìnlélógójì ló ní gbèsè lọ́rùn. Mi ò bínú sí wọn, mo mọ bí nǹkan ṣe rí nílé olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n mo rí i kedere lọ́jọ́ náà ìdí tí irú ètò yìí fi ń pẹ́: àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì wà nípàdé, àwọn tó ń pàdánù kò pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àgbà, wọ́n sì rò pé èrè làwọn ń jẹ.

Èyí tí wọ́n gbà ni pé owó ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi pamọ́ ju oṣù mẹ́fà lọ kò ní wọ inú owó tí a ń yáni mọ́. A ó fi ra ìwé gbèsè ìjọba lórúkọ ẹgbẹ́, gbogbo èlé tó bá mú wá, ti olówó ni, àyàfi ìdá kan tí ẹgbẹ́ yóò yọ fún iṣẹ́. Mo sọ fún wọn kí wọ́n má retí iṣẹ́ ìyanu. Ní òpin 2024, ìwé gbèsè kékeré tí ìjọba ń tà fún ará ìlú láti ₦5,000 sókè kò san tó ìdá ogún, nígbà tí ọjà ń gun ju ọgbọ̀n lọ. Ó dín jíjò kù, kò dí i. Owó tí ènìyàn máa ná láàárín ọdún kan, ó lè wà níbẹ̀. Owó tí a ti mọ ohun tí a máa fi ṣe, bíi páànù, kí a ra páànù náà kí a sì tì í mọ́ yàrá ló dára jù, bí ààyè bá wà tí olè kò sì sí.

Ìyá Tíṣà kò dúró de ètò tuntun wa. Ó ní kí káfíńtà bo yàrá méjì tó wà lẹ́yìn àti ibi ìdáná, ó sì fi èyí tó kù ra pákó fún iwájú ilé, èyí tó ní kí wọ́n kó jọ sínú yàrá tí wọ́n ti bò. Mo dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Páànù tuntun ń dán lẹ́yìn, iwájú ṣì ṣí sílẹ̀ sójú ọ̀run, omi òjò àná sì wà lórí simẹ́ńtì pálọ̀. Bébà káfíńtà méjèèjì wà nínú fáìlì ẹgbẹ́ dòní, nínú ìwé ọdún 2022. Òun ló ní kí n má dá wọn padà fún òun.